Wọn ò jẹ́ kí owó mi jáde lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ fóònù

Àyọ̀, Mánṣẹ́sítà: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà báyìí, ìsìnkú bàbá àgbà ló gbé mi wálé. Fóònù mi já bọ́ ní Tákìé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú rẹ̀ fọ́ yángá. Mo ra òmíràn, mo yí páásíwọọ̀dù ápù tí mo fi ń ra kírípítò padà, mo so kóòdù oní-nọ́ńbà-mẹ́fà mọ́ ọn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ fi 1,850 USDT, kírípítò tó ń bá dọ́là dọ́gba, ránṣẹ́ láti ibẹ̀ kí n lè rí owó màlúù san. «Withdrawal under review» ni mo ń rí láti wákàtí 19 sẹ́yìn. Ṣé wọ́n ti gbé owó mi jẹ ni?

Ìyá Ìbejì, Dọ́blìn: Nàìjíríà tó o wà ló fà á. Tan VPN, kó o mú Lọ́ńdọ̀nù, á jáde kíá.

Bọ̀ọ̀dá Gbénga, Tòróńtò: Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá Ìbejì, kó má tan nǹkan kan o! Òótọ́ ni pé ìlú tó yí padà wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Nàìjíríà láàárọ̀, tó di Lọ́ńdọ̀nù lọ́sàn-án, ìfura ló ń dá kún ìfura.

Àyọ̀, ẹ kú ọ̀fọ̀. Yẹ ìsàlẹ̀ ibẹ̀ wò bóyá TxID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó tó ti jáde, ti wà. Bí kò bá sí, owó ò tíì kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ìwọ wo bó ṣe rí lójú ẹ̀rọ wọn: fóònù tí wọn ò rí rí, páásíwọọ̀dù tuntun, gbogbo owó sì ń lọ sí àdírẹ́sì tó ò ránṣẹ́ sí rí. Bí olè tó gba àkáǹtì èèyàn ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Páásíwọọ̀dù àti kóòdù tó o yí nìkan tó kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, wákàtí 24 ló sì máa ń jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Má tún un yí o, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látìbẹ̀rẹ̀.

Rẹ̀mí, Hiúsítìnì: Èmi náà wà ńbẹ̀! 4,000 dọ́là tèmi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san 300 fún owó orí kí wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Gbénga: Rẹ̀mí, tìrẹ kì í ṣe irú èyí. Inú owó tó ń jáde ni wọ́n ti ń yọ ṣáájì, wọn kì í ní kó o mú owó mìíràn wá. Ta ló fi ápù yẹn hàn ọ́?

Rẹ̀mí: Ẹnì kan lórí Wásáàpù ni. Ṣùgbọ́n mo ti gba 50 dọ́là jáde níbẹ̀ rí.

Bọ̀ọ̀dá Gbénga: Ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ni 50 yẹn. Má san kọ́bọ̀ mọ́.

Àyọ̀: Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun. Kò sí TxID lóòótọ́. Nígbà tó di wákàtí 26, wọ́n ní kí n ya fídíò ojú mi, wọ́n tún bi mí pé ta ló ni wọ́lẹ́ẹ̀tì tí mo ń fi owó náà ránṣẹ́ sí. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi ṣẹ́ ẹ sí náírà ni. Ṣé kí n ní tèmi ni?

Bọ̀ọ̀dá Gbénga: Rárá o. Sọ bó ṣe rí gan-an, kó o kọ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá wá rí i pé kì í ṣe tìrẹ, àkáǹtì lódindi ni wọ́n lè tì.

Ìyá Ìbejì: Èmi ṣáà sọ pé tèmi ni nígbà yẹn, ó sì jáde.

Àyọ̀: Mo ti kọ òtítọ́ ránṣẹ́. Wọn ò tíì fèsì, bàbá ẹlẹ́ran sì ti jókòó sẹ́yìnkùlé wa láti àárọ̀.