₦27,000 tó ṣọ́ọ́tì lọ́wọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wá sọ tiyín náà

Àdùkẹ́ Káṣíà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá, torí mo mọ̀ pé àwa káṣíà pọ̀ níbí, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Súpámákẹ́ẹ̀tì kan lápá Sábó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹta rèé, owó mi ò ṣọ́ọ́tì ju ₦500 lọ rí.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyí. Láàárọ̀ wọ́n á fún mi ní ₦20,000 ṣéńjì tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá dọ̀sán tówó ti pọ̀ nínú dúrọ́ọ̀, mánéjà á wá kó díẹ̀ lọ sínú séèfù, á kọ iye ẹ̀ sínú ìwé, èmi náà á sáìnì. Tá a bá tilẹ̀kùn lálẹ́, a ó tẹ rìpọ́ọ̀tù Z jáde, iye tí kọ̀m̀pútà ní mo tà ní káàṣì á wà níbẹ̀, a ó ro ṣéńjì àárọ̀ mọ́ ọn, a ó yọ èyí tí mánéjà kó lọ, ohun tó bá kù ló gbọ́dọ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀.

Z ní mo ta ₦148,700. Tá a bá ro ₦20,000 mọ́ ọn, ₦168,700. Ìwé ní mánéjà kó ₦36,000 lọ ní aago méjì ọ̀sán, nítorí náà ₦132,700 ló yẹ kó kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ₦1,000 jẹ́ 71, ₦500 jẹ́ 48, ₦200 jẹ́ 38, ₦100 jẹ́ 24, ₦50 jẹ́ 14. Gbogbo ẹ̀, ₦105,700. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, iye kan náà ló ń jẹ́. ₦27,000 ò sí níbẹ̀.

Mánéjà ní kí n lọ ronú ibi tí mo kó o sí kó tó di Mọ́ńdè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀gá á yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò fẹ́ kí ọlọ́kadà kankan rí ẹkún lójú mi. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo pe àǹtí kan tá a jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán, ó ní ṣé wọ́n ti ka owó tó wà nínú séèfù? Mo ní rárá, dúrọ́ọ̀ mi nìkan la kà. Ó ní kí n pín 27,000 sọ́nà mẹ́sàn-án, mo ní 3,000 géérégé, ó ní ẹ lọ ka séèfù.

Mọ́ńdè láàárọ̀ mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí i kí wọ́n tó gbé e lọ báńkì. Ìdì ọ̀sán Sátidé ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tí mo fi dì í. A kà á lójú gbogbo wa, ₦1,000 mẹ́tàlélọ́gọ́ta. ₦63,000. Mánéjà kọ 36,000 sílẹ̀, èmi náà sì sáìnì sábẹ́ ẹ̀ láì wojú ìwé torí èrò tó tò síwájú mi.

Bàbá Káṣíà, Ọ̀yọ́

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Mo ṣe olórí káṣíà fún ọdún 19 kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí àǹtí yẹn sọ, òótọ́ ni. Tí nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá gba ipò ara wọn, 63 di 36, 81 di 18, 740 di 470, iye tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́sàn-án láìkù. Nítorí náà, tówó bá dín tó sì pín sí mẹ́sàn-án, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò, ẹ má tíì máa wo ọmọ èèyàn.

Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di àfọ̀ṣẹ o. ₦9,000 tó dín lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ka owó kù nítòótọ́, ó kàn bọ́ sí mẹ́sàn-án ni. Ó ń tọ́ka síbi téèyàn á ti kọ́kọ́ wá a ni, kì í ṣe ìdájọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé owó tó dín níbì kan sábà máa ń lé níbòmíràn ní iye kan náà. Dúrọ́ọ̀ ẹ dín ₦27,000, séèfù lé ₦27,000, kò sẹ́ni tó mọ̀ torí kò sẹ́ni tó kà á. Ní tiwa, ẹni méjì ló ń ka owó tó ń lọ sí séèfù, lójú ara wọn, oníkálukú á kọ iye tiẹ̀ sórí bébà ọ̀tọ̀, ìgbà tó bá dọ́gba la ó tó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó sì fi bébà kan sínú ìdì náà. Ohun mìíràn, káṣíà gbọ́dọ̀ ka owó ẹ̀ kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí Z tó jáde. Ẹni tó bá ti mọ iye tí wọ́n ń retí, ojú ẹ̀ á máa wá iye yẹn, á kà á títí á fi débẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ọjà Jagun

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò ní irú wàhálà yẹn torí mo ní ọgbọ́n tèmi. Ọjọ́ tówó mi bá lé, ₦200 ni, ₦1,000 ni, mi ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni, inú àpòòwé kan ni mo ń kó o sí. Ọjọ́ tó bá wá ṣọ́ọ́tì, ibẹ̀ ni mo ti ń mú un dí i. Mi ò jí kọ́bọ̀ o, gbogbo ẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù náà ni, ọ̀gá mi ò sì ní ìṣòro kankan pẹ̀lú mi.

Bàbá Káṣíà, Ọ̀yọ́

Ìyá Ìbejì, mo gbà pé ẹ ò jalè, àti pé ẹ ò ná an yẹn dáa. Ṣùgbọ́n owó tó lé yẹn lẹ́ni tó ni ín. Ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀ wa, owó ẹ̀ lé ₦4,500 lọ́jọ́ kan, a kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú déètì. Lọ́jọ́ kejì màmá kan dé pẹ̀lú rìsíìtì, ó ra búrẹ́dì ₦500, ó san ₦5,000, ó ń sáré lọ wọ mọ́tò kò gba ṣéńjì. A ṣí ìwé, iye ẹ̀ bá ti màmá mu, a san án fún un. Ká ní inú àpòòwé ló wà tẹ́ ẹ sì ti fi dí ihò mìíràn, kí lẹ fẹ́ sọ fún màmá yẹn?

Ẹ tún wò ó báyìí. Tówó yín bá ń lé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ₦150, ₦300, kì í ṣe oríire. Ó lè jẹ́ pé àwọn oníbàárà ò rí ṣéńjì ₦50 wọn gbà. Tẹ́ ẹ bá wá fún wọn ní súwíìtì dípò ẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀m̀pútà, owó á lé, ọjà á sì dín lórí igbá. Àpòòwé ò ní jẹ́ kẹ́ni kankan rí i.

Ìyá Ìbejì, Ọjà Jagun

Hmm. Ti súwíìtì yẹn kàn mí o. À ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Olówó Piọ́ọ̀sì, Ọ́ńdà Jí

Èmi náà jìyà ẹ̀ o! Oníbàárà fẹ́ gba ₦10,000, ó fi káàdì ẹ̀ sí i, ẹ̀rọ ní kò lọ, òun fi alẹ́ẹ̀tì hàn mí pé wọ́n ti yọ ọ́, mo bá fún un lówó, kò wọ àkáǹtì mi títí ọjọ́ kẹta. Ṣé kí n yọ ọ́ lówó ọmọ tó ń bá mi jókòó síbẹ̀ ni?

Tọ́pẹ́ Aláwẹ̀, Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n, tiyín yẹn yàtọ̀, ọ̀rọ̀ báńkì nìyẹn, ẹ̀yin sì lẹ san owó kí tiyín tó wọlé, ẹ má fi sọ́rùn ọmọ yẹn. Àmọ́ ó rán mi létí nǹkan. Oṣù tó kọjá káàṣì mi ṣọ́ọ́tì ₦9,800, mo ti ń ṣe mẹ́sàn-án, kò pín. Mo wá tẹ àròpọ̀ ọjọ́ náà jáde lórí ẹ̀rọ piọ́ọ̀sì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Z, ti ẹ̀rọ fi ₦9,800 ju èyí tí kọ̀m̀pútà kọ fún piọ́ọ̀sì lọ. Oníbàárà kan fi káàdì sanwó, èmi sì tẹ bọ́tìnnì káàṣì. Owó ò sọnù rárá, ojú ibi tí mo kọ ọ́ sí ni kò tọ́. Mánéjà wa ti fẹ́ yọ ọ́ tẹ́lẹ̀ torí káàṣì nìkan ló ń wò, kò wo piọ́ọ̀sì àti tíránsífà pọ̀ mọ́ ọn.

Alájà Oníṣọ́ọ̀bù, Àkẹ̀sán

Ẹ má bínú sí mi, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yé mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gba tiwa rò. Ọmọ méjì ló ń tajà fún mi, dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Owó dín ₦6,000, mo bi èyí, ó ní kì í ṣe òun, mo bi èkejì, bákan náà. Mo yọ ₦3,000 ₦3,000. Tí mi ò bá yọ ọ́, ṣé èmi ni kí n máa san án?

Tọ́pẹ́ Aláwẹ̀, Ọ̀yọ́

Alájà, ẹ dákun, níbi tí ọwọ́ méjì bá ti ń wọ dúrọ́ọ̀ kan, kò sẹ́ni tó lè mọ ọwọ́ tó ṣe é, ẹni tí ò mọ nǹkan kan nínú wọn ti san ₦3,000 lásán nìyẹn. Oníkálukú ló yẹ kó ní dúrọ́ọ̀ tiẹ̀, ṣéńjì tiẹ̀ àti nọ́ńbà tiẹ̀ lórí kọ̀m̀pútà. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà náà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, abala 5. Tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó jẹ́ àìbìkítà ẹ̀ ló fa àdánù, ọ̀gá lè yọ ìwọ̀n tó bá mọ́gbọ́n wá, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ.

Alájà Oníṣọ́ọ̀bù, Àkẹ̀sán

Dúrọ́ọ̀ méjì, mo gbọ́, màá wá owó ẹ̀. Àmọ́ ti ìwé àṣẹ yẹn, ta ló ń lọ gba ìwé nítorí ₦6,000 nínú ọjà Àkẹ̀sán? Ká má tan ara wa. Tí ọmọ bá sì mọ̀ pé a ò ní yọ nǹkan kan, ṣé á tún máa fara balẹ̀ ka owó?

Bàbá Káṣíà, Ọ̀yọ́

Alájà, tiwa nígbà yẹn ni pé tí kò bá ju ₦200 lọ lọ́jọ́, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ò ní bá a wí. Ká máa ka ìwé yẹn lóṣooṣù ló ń ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tówó ẹ̀ ń dín lẹ́ẹ̀kan, ń lé lẹ́ẹ̀kan, ìkánjú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, a ó tún un kọ́. Ẹni tówó ẹ̀ ń dín ṣáá, tó sì jẹ́ iye géérégé, ₦1,000, ₦2,000, òun la máa ń lọ wo kámẹ́rà fún. Ti ẹni tó yẹ kó san án, àwa náà ò fẹnu kò lé e lórí títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Káṣíà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mánéjà ò sọ pé kí n má bínú o, ó kàn ní "o ríre" ni, àmọ́ láti Mọ́ńdè ó ti ń ka owó lójú mi, èmi náà sì ń ka ohun tí mo ń sáìnì.

Bàbá, ohun kan wà tó ń dùn mí jù báyìí. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ₦18,000 ni wọ́n ní ó ṣọ́ọ́tì, oṣù méjì ni wọ́n fi yọ ọ́ lówó ẹ̀, ìtìjú ló lé e kúrò níbẹ̀. 18,000 náà pín sí mẹ́sàn-án. Mo ti pín in lórí fóònù tó ìgbà márùn-ún. Ìwé tí mánéjà ń kọ ọ́ sí nígbà yẹn ṣì wà lábẹ́ káńtà, mo rí i lónìí. Ṣé ó ṣì ṣeé mọ̀?

Bàbá Káṣíà, Ọ̀yọ́

Mú déètì ọjọ́ náà, kó o wá ìwé tí báńkì fún wọn nígbà tí wọ́n lọ san owó yẹn. Tí iye tí báńkì gbà bá fi ₦18,000 ju èyí tí mánéjà kọ lọ, ó ti hàn. Tó bá dọ́gba, kò tíì dá a lẹ́bi o, torí ẹnì kan lè ti mú èyí tó lé kó tó dé báńkì. Má dá a wò. Jẹ́ kí ọ̀gá fúnra ẹ̀ jókòó tì ọ́.

Àdùkẹ́ Káṣíà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀gá ń bọ̀ ní Tọ́sìdè. Mo ti fi bébà sáàárín ojú ewé náà.