Relance: kí la fẹ́ máa pè é ní Yorùbá?

Àdùnní: Mo kọ ímeèlì ní èdè Faransé sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, wọn ò fèsì. Báwo ni mo ṣe máa rán wọn létí, tí ohùn mi á máa le sí i láìjọ pé inú ń bí mi? Kí sì ni ká máa pe irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní relance?

Délé: Ṣebí ìránnilétí ti wà. Kọ « Je n'ai toujours pas reçu de réponse », ó parí.

Ìyá Kẹ́hìndé: Délé, rappel ni ìránnilétí bá mu, ìyẹn fún ẹni tó gbàgbé. Relance ni kéèyàn tún gbé ọ̀rọ̀ tó ti dákẹ́ dìde. Àtúnbéèrè ni mo fara mọ́. Àdùnní, má kọ toujours pas, “títí di báyìí, kò”. Ó ń dún bí ẹni tó ti ń ka ọjọ́ sí wọn lọ́rùn. Pas encore, “kò tíì”, rọ̀ jù ú lọ. Fèsì sábẹ́ ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n lè rí i, kí o wá kọ ọ́ báyìí:

« Sauf erreur de ma part, je n'ai pas reçu de réponse à mon message du 4 mars. »

Sauf erreur de ma part, “àfi tí àṣìṣe bá wà lọ́dọ̀ mi”, gbà pé ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe wà lọ́dọ̀ tìrẹ, ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni láti fèsì. Bí wọ́n bá tún dákẹ́, fi ọjọ́ tí o fẹ́ kí wọ́n ti fèsì sí i:

« Je me permets de revenir vers vous. Pourriez-vous me répondre avant le 29 mars ? »

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló máa sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, pé wàá gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé mìíràn:

« Sans réponse de votre part d'ici au 5 avril, je proposerai le texte à un autre éditeur. »

Ọjọ́ àti ohun tó máa tẹ̀ lé e ló mú un le, kì í ṣe èébú. Fi « Bien cordialement » parí gbogbo wọn. Bí o bá yọ Bien nínú ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á fura pé ara rẹ ti tutù sí wọn.

Táyọ̀: Oníbàárà kan ò san owó iṣẹ́ mi. Ṣé kí n kọ mise en demeure, lẹ́tà ìkìlọ̀ pé dandan ni kó san án, sí i?

Ìyá Kẹ́hìndé: Ìyẹn ti wọ ọ̀rọ̀ òfin, Táyọ̀. Kọ́kọ́ tún béèrè ná.

Délé: Màmá, ẹ dárí jì mí o, àtúnbéèrè ń jọ ìbéèrè ìdánwò létí mi. Ìránnilétí ni mo ṣì dúró lé.

Àdùnní: Mo ti fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Wọ́n fèsì: « Nous revenons vers vous rapidement », pé àwọn á kàn sí mi láìpẹ́. Ṣé mo ti bọ́ nìyẹn, Màmá?

Ìyá Kẹ́hìndé: Rárá o. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sì béèrè ọjọ́ wo.