Ẹ̀rọ omi Kábà: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Mo béèrè lọ́wọ́ yín pé: "Ẹ̀rọ omi ń kùn, kò yí, mítà sì ń ka 220 fóòtì. Kí ló ṣe é?"

Ẹ ṣeun o, ó ti ń fa omi. Ẹni tó dáhùn pé kápásítọ̀ ló bàjẹ́, a pààrọ̀ ẹ̀, pàbó. Ọ̀gá mi kàn fọwọ́ kan wáyà, wọ́n ní ó tín-ín-rín jù. Ìwé ló là á yé mi: wáyà 1.5 mm² tó gùn tó 60 mítà ní àlọ, 60 mítà ní àbọ̀, ní ìdènà bíi 1.45 ómù. Bí mọ́tò bá fa 25 ámpù láti gbéra, fóòtì 36 ti ṣòfò lọ́nà. Bí kò bá sì fa nǹkan kan, kò sí òfò, ìdí nìyẹn tí mítà fi ka 220 kí a tó tan mọ́tò. Mo wọn ẹnu mọ́tò bó ṣe ń kùn: kò pé 185. Wáyà 4 mm² la wá fà dípò rẹ̀. Ọ̀gá ṣì ní ìṣirò ò kan àwọn.