Gàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń wò tí wọn ò rà: ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí

"Èrò ń ṣí gàrí Ìjẹ̀bú tí mo pàtẹ sórí ayélujára wò, ẹnikẹ́ni ò rà á. Ṣé àlàyé ni, fọ́tò ni, àbí owó?"

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn. Ẹ ṣeun fún ìdáhùn yín, ẹ̀yin ará. Ọ̀pọ̀ yín ní kí n já owó lulẹ̀. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Ìyá kan tó ń tajà l'Ókè-Àje ló ní kí n kọ́kọ́ wo ìbéèrè àwọn oníbàárà, kí n sì máa yí nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kọ́ńgò yín tó kílò mélòó?" ni wọ́n ń bi mí ṣáá. Kọ́ńgò ọjà kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ará Èkó ò sì lè fi owó mi wé ti ẹlòmíràn. Mo kọ "kílò 5, ó kan dáadáa, ó kúnná, ó gbẹ". Ìbéèrè dáwọ́ dúró, ọ́dà ò wọlé. Mo wá ya gàrí lójú àtẹ́lẹwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí hóró rẹ̀ hàn, dípò ti inú náílọ́nù tó ń kọ mànà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, ṣùgbọ́n wọ́n ń padà níbi ìsanwó.

Ibẹ̀ ni owó wà: gàrí ₦6,000, owó gbígbé ₦4,000. Kílò kan di ₦2,000. Kílò 10 jẹ́ ₦12,000, gbígbé ₦4,500: kílò kan di ₦1,650. Kílò 10 ni mo ń pàtẹ báyìí, ọ́dà sì ń wọlé láti Èkó àti Ìbàdàn.

Ẹ̀gbọ́n aláṣọ ní Ṣàgámù tí ẹ ní wọ́n ń wo ọjà tiyín náà láì rà, aṣọ ò wúwo bíi gàrí. Ẹ kọ́kọ́ wo fọ́tò yín. Ẹni tó fẹ́ kílò 2 péré, mi ò tíì rí ọgbọ́n tirẹ̀ dá.