Wíìgì mi di kànrìnkàn lẹ́yìn ìfọ̀ kẹta

Ará Ìgbógbó: Ẹ kú ilé o. Ọjà kan níbí ní Ìkòròdú ni mo ti ra wíìgì irun èèyàn, ínǹṣì 18, ₦180,000. Ó ń dán bíi dígí. Kí n tó sanwó, mo fa fọ́nrán kan yọ, mo fi iná sí i: ó rùn bí irun tó jóná, ó sì di eérú. Ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí mo ṣe fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta tí ìpàkọ́ rẹ̀ lọ́ pọ̀ bíi kànrìnkàn!

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Omi kànga yín ni. Omi tó bá ń pupa máa ń mú irun gan. Ẹ lọ fi omi inú ọ̀rá fọ̀ ọ́.

Ìyá Onírun: Omi pupa máa ń mú irun gan lóòótọ́, àmọ́ kì í sọ ọ́ di kànrìnkàn nínú ìfọ̀ mẹ́ta. Iná ò purọ́ fún ẹ, ọmọ mi. Ohun tí o bi í ló dáhùn: irun èèyàn ni, kì í ṣe rọ́bà. Kò lè sọ bí wọ́n ṣe kó o jọ. Irun ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lára bíi ti ẹja, ṣóńṣó ni gbogbo rẹ̀ kọjú sí. Èyí tí wọ́n gé lórí ẹnì kan, tí wọ́n so pọ̀ lójú ẹsẹ̀, ìpẹ́ rẹ̀ kì í kọjú síra. Èyí tí wọ́n ṣà nílẹ̀ àti lára òòyà, ìdí òun ṣóńṣó ti dàpọ̀, ìpẹ́ á máa há mọ́ ìpẹ́. Wọ́n á fi ásíìdì bó o, wọ́n á fi sílíkóònù kùn ún. Dídán tí o rí nìyẹn. Ṣáńpù ló ń ṣí i kúrò.

Ará Ìgbógbó: Háà! Báwo ni mi ò bá ṣe mọ̀, mà?

Ìyá Onírun: Fi ìka méjì mú díẹ̀, fà á láti ṣóńṣó lọ sókè. Irun gidi á fẹ́ kọ́ ẹ lọ́wọ́ díẹ̀. Tó bá ń yọ̀ lọ sókè sódò bákan náà, ní kí wọ́n bá ẹ fi ṣáńpù fọ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, máa bá tìẹ lọ.

Ìyàwó Aláṣọ: Ẹ gbà mí, iwájú orí tèmi ló ń pá. Ṣé sílíkóònù yẹn náà ni?

Ìyá Onírun: Rárá o, ìyá wa. Gọ́ọ̀mù tàbí dídì tó le jù ni. Ẹ tú u sílẹ̀ ná.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Tèmi ti lo oṣù 14 o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni mò ń fọ̀ ọ́. Ṣóńṣó ni mo ti ń yà á bọ̀ wá sókè, mi ò sì jẹ́ kí kọ́ńdíṣọ́nà kan ìdí rẹ̀, torí ó máa ń tú kókó tí wọ́n ta mọ́ léèsì. Mi ò kì í fi sùn. Àdí àgbọn ni mo fi ń pa á.

Ìyá Onírun: Àdí yẹn ni mi ò fara mọ́. Eruku ló ń kó.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Oṣù 14 kọ́ nìyẹn, mà?

Ará Ìgbógbó: Mo rẹ tèmi sínú kọ́ńdíṣọ́nà láàárọ̀ yìí, mo fi òòyà eléyín ńlá tú u. Ó rọ̀, àmọ́ ó ti tún ń lọ́. Bóyá kí n gé e kù sí ínǹṣì 10.