Ìmọ̀ràn: nọ́ńbà wo ni kí n wò nínú ráútà?

Àṣàkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, bílẹ̀ bá ti ṣú, wáífáì ilé wa á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo ṣí ojú ìwé ráútà, mo rí orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn, pẹ̀lú RSSI tó jẹ́ agbára àmì rẹ̀, Tx rate tó jẹ́ ìyára tí ráútà fi ń ránṣẹ́ sí i, àti Rx rate tó jẹ́ ìyára tí ráútà fi ń gbà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èwo ni kí n fi mọ èyí tó ń fà wá sẹ́yìn?

Jagunlabí: Ẹ wo Tx rate. Èyí tí ò bá ti tó 100 Mbps, òun ni aláìsàn. Ẹ gé e kúrò.

Ẹ̀gbọ́n Wáyà: Jagun, ẹ rọra. Ẹ̀rọ kékeré tó jẹ́ áńtẹ́nà kan ló ní, lórí 2.4 GHz, 72 Mbps ni òpin agbára ọ̀pọ̀ wọn. Bí RSSI rẹ̀ bá jẹ́ -48, ara rẹ̀ le koko.

Àṣàkẹ́, RSSI ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó ṣe ń sún mọ́ òdo ló ń dára sí i: -50 dára gan-an, -67 ṣì gbé fídíò, tó bá ti lọ sí -75 tàbí -80, wàhálà dé. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ tó wo rate. Fóònù tó sùn sínú àpò lè fi 6 hàn láìsí ohun tó ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Ṣé kì í ṣe ẹni tó ń jẹ dátà jù lẹ ń wá ni? Páswọ́ọ̀dù lèmi yí padà ní tèmi.

Àṣàkẹ́: Rárá mà, dátà wà. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà rèé: -81, Tx 13, Rx 6.5, kò sì kúrò níbẹ̀ látàárọ̀. Fóònù ọkọ mi náà, -79 nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ àmì wáífáì kún fọ́fọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Wáyà: Kámẹ́rà yẹn ni. Bó bá ń rán fídíò 2 Mbps láìsinmi lórí 6.5, ó ti gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò tó yẹ kí gbogbo yín jọ pín, ká tó ka èyí tó ń tún rán. Ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí chánẹ́ẹ̀lì. Lọ́sàn-án ẹ ò pọ̀, kò hàn. Ẹ fa wáyà dé ibẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ráútà sún mọ́ ọn.

Ti fóònù ọ̀gá, àmì ojú rẹ̀ ń sọ bó ṣe ń gbọ́ ráútà. Ohùn tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, bí ráútà ṣe ń gbọ́ ọ sì ni -79 yẹn. Ti ráútà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Láyíwọlá: Lápútọ́ọ̀pù tèmi ń kọ́? -52, ṣùgbọ́n rate kò ju 13 lọ, mo sì ń wo fídíò lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Wáyà: Ìyẹn kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, ariwo ni. Ṣé dísìkì USB 3 wà lára rẹ̀? Ó máa ń da 2.4 GHz láàmú.

Láyíwọlá: Ó wà o. Mo yọ ọ́, ó gòkè dé 58, ó tún já sí 26.

Jagunlabí: Ariwo wáífáì aládùúgbò nìyẹn. Ẹ bọ́ sí 5 GHz.

Láyíwọlá: Kò ní 5 GHz.