Orúkọ wo ló yẹ ẹ̀tọ́ ìrà tí a tà lórí ẹ̀tọ́ ìrà?

Ará Agbowó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń ṣe ìwé kékeré kan lórí ìdókòwò fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Mo bá ohun kan pàdé tí ojú fóònù ń pè ní poor man's covered call. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní "ìpè ìbora tálákà". Ṣé ó lè dúró bẹ́ẹ̀?

Ará Bódìjà

Àbúrò, má jẹ́ kí "ìpè" wọ ìwé yẹn. Kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń tà ni ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà ní iye tí a ti dá, kí ọjọ́ tí a dá tó kọjá. "Ẹ̀tọ́ ìrà" ti tó fún un. Jẹ́ kí n fi owó ṣe é, kí a lè mọ ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ.

Ká ní ṣíà kan ń lọ ní 100 dọ́là lọ́jà Amẹ́ríkà. Ẹ̀tọ́ kan níbẹ̀ sábà máa ń kó 100 ṣíà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ra ṣíà náà gan-an yóò kó 10,000 dọ́là sílẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o lè ra ẹ̀tọ́ ìrà oníye 75, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà náà ní 75 dọ́là, tó ṣì ní ọdún kan àbọ̀ níwájú, ní 30 dọ́là lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Nínú 30 yẹn, 25 jẹ́ ojúlówó, torí ṣíà ti fi 25 ju 75 lọ. 5 tó kù ni owó àkókò, ìyẹn ohun tó san nítorí ọdún kan àbọ̀ tó wà níwájú. Lẹ́yìn náà ló máa ta ẹ̀tọ́ ìrà oníye 105 fún ẹlòmíràn, èyí tí yóò parí ní nǹkan bí ogójì ọjọ́, yóò sì gba 1.50 dọ́là lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Bí ṣíà kò bá kọjá 105 lọ́jọ́ náà, ẹ̀tọ́ tó tà ti kú, 150 dọ́là di tirẹ̀, ó sì lè ta òmíràn. Owó àkókò ẹ̀tọ́ kúkúrú máa ń yára yọ́ ju ti ẹ̀tọ́ gígùn lọ. Ibẹ̀ ni èrè náà ti ń wá.

Ará Dùgbẹ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Èyí kò ṣàjèjì sí mi. Mo san owó ọdún méjì lórí ṣọ́ọ̀bù kan ní Gbági, mo wá fi apá kan háyà fún ọmọbìnrin kan tó ń ta lẹ́ẹ̀sì, oṣooṣù ló ń san tirẹ̀. Owó yẹn ti dín ìnáwó mi kù gan-an. Ẹ pè é ní "ẹ̀tọ́ àgbàfiháyà". Ṣé a lè ṣe irú rẹ̀ lórí ṣíà tiwa níbí?

Ará Bódìjà

Ẹ kú òwò, mà. Ó jọ ọ́, àmọ́ ibì kan ni kò ti bá a mu. Ọmọ yẹn kò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù yín pátápátá ní iye tí ẹ ti bá a dá. Ẹni tó ra ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ wa lè ṣe bẹ́ẹ̀, kódà kí ọjọ́ tó pé. Ní ti ọjà tiwa, ohun tí NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní 2022 jẹ́ àdéhùn ọjọ́ iwájú lórí àkójọ ṣíà. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ ìrà lórí ṣíà iléeṣẹ́ kan.

Ará Mọ́kọ́lá

Mo fara mọ́ "ẹ̀tọ́ ìrà". Ṣùgbọ́n kí "ìbora" dúró. Ẹ̀tọ́ gígùn tó rà ti bò ó, àdánù kò lè ká a mọ́. Kí a kàn fi "mẹ̀kúnnù" rọ́pò "tálákà", torí "tálákà" le jù létí.

Ará Bódìjà

Olùkọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà. Ẹ̀gbẹ́ òkè nìkan ló bò ó. Bí ṣíà bá fò dé 200, ẹ̀tọ́ oníye 75 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò lè san ẹ̀tọ́ oníye 105 tó tà. Kódà níbẹ̀, ó ní ìṣirò kan tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó tẹ̀ ẹ́. Láti 75 dé 105 jẹ́ 30. Owó tó jáde lápò rẹ̀ jẹ́ 30 dín 1.50, ìyẹn 28.50. 30 ju 28.50 lọ, nítorí náà kò ní pàdánù. Ojúkòkòrò ló máa ń ba èyí jẹ́. Ẹlòmíràn á rí i pé ẹ̀tọ́ oníye 100 ń mú 3.50 wá, á tà á. Láti 75 dé 100 jẹ́ 25, owó tó jáde sì jẹ́ 26.50. Bí ṣíà bá fò gan-an, yóò pàdánù nǹkan bíi 150 dọ́là lórí ọjà tó lọ síbi tó ń fẹ́. Mo ti rí ẹni tó ṣe èyí, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí tó fi ka ìwé owó rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ ńkọ́? Bí ṣíà bá já sí 80 láàárín oṣù kan, ẹ̀tọ́ tó rà ní 30 lè ṣẹ́ kù sí nǹkan bíi 14. Ṣíà fi ìdá márùn-ún kan sílẹ̀, owó tirẹ̀ fi ju ìdajì lọ. 1.50 tó gbà kò lè bo ìyẹn. Ẹni tó bá ka "ìbora" nínú ìwé ẹgbẹ́ yóò rò pé owó òun kò lè bàjẹ́, ìyẹn ló ń dùn mí.

Ará Agbowó

Bí ẹni tó ra ẹ̀tọ́ kúkúrú lọ́wọ́ wa bá wá gba ṣíà kí ọjọ́ tó pé ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé kí a lo ẹ̀tọ́ gígùn wa láti fi san án?

Ará Bódìjà

Rárá. Bí o bá lò ó, owó àkókò tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Ra ṣíà lọ́jà láti fi san gbèsè náà, kí o sì ta ẹ̀tọ́ gígùn náà, kí owó àkókò rẹ̀ lè wọlé. Ìgbà tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ṣíà bá fẹ́ máa lọ láìní dífídẹ́ǹdì. Wo ẹ̀tọ́ tí o tà: bó bá ti kọjá iye rẹ̀, tí owó àkókò inú rẹ̀ kò sì tó dífídẹ́ǹdì mọ́, rà á padà lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ lálẹ́, ìwọ ló máa san dífídẹ́ǹdì náà, ẹ̀tọ́ gígùn kì í sì í gba dífídẹ́ǹdì.

Ní ti orúkọ: ẹni tó ní ṣíà gan-an kó tó ta ẹ̀tọ́, "títa ẹ̀tọ́ ọlọ́jà-nílẹ̀" ni kó jẹ́, torí ọjà wà nílẹ̀. Ẹni tí a ń sọ yìí kò ní ọjà, ẹ̀tọ́ mìíràn ló fẹ̀yìn tì. "Títa ẹ̀tọ́ aláfẹ̀yìntì" ni mo dá lábàá.

Ará Mọ́kọ́lá

"Ọlọ́jà-nílẹ̀" dára púpọ̀, mo gbà á. Ṣùgbọ́n "aláfẹ̀yìntì" náà ń fini lọ́kàn balẹ̀ bíi "ìbora". Ẹni tó fẹ̀yìn ti nǹkan kò retí pé yóò ṣubú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "títa ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀tọ́", kó hàn gbangba. Ẹ ò sì tíì sọ ohun tí "mẹ̀kúnnù" ṣe yín.

Ará Bódìjà

Ìdí tí mo fi yọ ọ́ ni pé 2,850 dọ́là ló ń jáde lápò níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì lè lọ. Mi ò fẹ́ kí mẹ̀kúnnù kankan rò pé tòun ni. Lórí "aláfẹ̀yìntì", mi ò tíì yí padà.

Ará Dùgbẹ̀

Èmi wà lẹ́yìn olùkọ́. "Ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀tọ́" yé mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ará Agbowó

Mo ti yọ "ìpè", "ìbora" àti "tálákà" kúrò. Màá fi ìṣirò 75 sí 105 síbẹ̀, àti ti 75 sí 100 tó ń jẹni lówó. Orúkọ méjèèjì ni màá kọ sí orí náà títí ẹ ó fi fẹnu kò.